Lọ́jọ́ Tí Ìkànnì Ìtajà Bá Parẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, ẹnjiníà kan tó ń bá ilé-iṣẹ́ GitLab ṣiṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì ṣì jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà tó yẹ kó ti lọ sùn. GitLab ni ibi tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí. Sáfà méjì ló ń bá ẹnjiníà yìí fà á lóru ọjọ́ náà. Èkíní ni ojúlówó tí àwọn oníbàárà ń lò lọ́wọ́. Èkejì ni ẹ̀dà rẹ̀, tó yẹ kó máa tẹ̀ lé e bí òjìji, ṣùgbọ́n tó ti kọ̀ tí kò tẹ̀ lé e mọ́. Ó fẹ́ nu ohun tó wà lórí èkejì kúrò kó lè tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ àṣẹ ìparẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì lẹ́yìn náà ló rí i pé orí èkíní lòun wà. Ó yára dá a dúró, àmọ́ nínú nǹkan bíi 300 gígábáìtì, 4.5 péré ló ṣẹ́kù.

Lórí ìwé, ọ̀nà márùn-ún ni GitLab fi ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan lóru ọjọ́ náà, kò sí èyí tó ṣeé gbára lé. Èyí tó yẹ kó máa ṣẹ̀dà gbogbo àkójọ ìsọfúnni wọn lójoojúmọ́, kó sì máa kó o lọ sí ibi ìpamọ́ kan ní Amazon, ló yani lẹ́nu jù: wọ́n ṣí àpótí náà, òfìfo ni wọ́n bá. Irinṣẹ́ tó ń ṣẹ̀dà ọ̀hún jẹ́ ẹ̀yà 9.2, nígbà tí àkójọ ìsọfúnni fúnra rẹ̀ ti dé ẹ̀yà 9.6. Irinṣẹ́ àtijọ́ kò gbọ́ èdè tuntun, ló bá ń pa iṣẹ́ náà tì láìsí ẹni tó mọ̀. Ká sòótọ́, ó ń gbìyànjú láti sọ fún wọn. Ímeèlì ìkìlọ̀ ń jáde, ṣùgbọ́n kò ní ààmì ìdánimọ̀ tí sáfà ímeèlì ń béèrè, wọ́n sì ń dá a padà lẹ́nu ọ̀nà.

Àìròtẹ́lẹ̀ ló yọ wọ́n. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, ẹnjiníà kan náà yìí ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀dà kan nítorí ìdánwò tó fẹ́ ṣe. Ẹ̀dà yẹn ni wọ́n gbé dìde. Ìkànnì náà kò ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí 18, iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà sì lọ láìpadà, títí kan orúkọ nǹkan bíi 700 oníbàárà tuntun. GitLab kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Wọ́n fi iṣẹ́ àtúnṣe náà hàn lórí YouTube bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì tẹ ìjábọ̀ gígùn jáde lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìjábọ̀ ọ̀hún, ìdí kan wà tó yé ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà rárá: kò sí ẹnì kan pàtó tí wọ́n fi àyẹ̀wò ẹ̀dà wọ̀nyí sí lọ́wọ́.

Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹ́ òwò rẹ̀, kí ni ká wá sọ nípa ẹni tí òwò rẹ̀ jẹ́ aṣọ? Ká mú obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ìkànnì tí wọ́n fi WordPress kọ́ fún un, WooCommerce ló sì fi ń gba ìbéèrè ọjà láti Èkó, láti Lọ́ńdọ̀nù àti láti Houston. Ní ọjọ́ tí ọjà bá yá, ènìyàn bíi ogún lè ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn dé Ìtòkú.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó mọ̀ ni pé apá méjì ni ìkànnì rẹ̀ ní, wọn kì í sì í gbé inú ilé kan náà. Apá kan ni àwọn fáìlì: àwòrán aṣọ, tíìmù tó fún ìkànnì ní àwọ̀ àti ìrísí, àti àwọn pulọ́gíìnì tó ń ṣe iṣẹ́ oríṣiríṣi. Apá kejì ni àkójọ ìsọfúnni, níbi tí iye owó ọjà, orúkọ oníbàárà, àdírẹ́sì wọn àti gbogbo ohun tí wọ́n ti rà wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kó àwọn fáìlì sílẹ̀, wọ́n á sì rò pé iṣẹ́ parí. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó gbé ìdì aṣọ jáde nínú iná tó sì fi ìwé gbèsè sílẹ̀ kó jóná. Aṣọ wà, ṣùgbọ́n ta ló san owó, ta ni kò tíì gba ọjà?

Bó ṣe yẹ kó máa ṣe ẹ̀dà léraléra tó, ìṣirò ọjà ni yóò sọ fún un, kì í ṣe ìṣirò kọ̀ǹpútà. Bó bá ń ta ogún ọjà lóòjọ́, tó sì ń ṣẹ̀dà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àkọsílẹ̀ 140 ọjà ló lè bá ìjàǹbá kan lọ. Bí ìyẹn bá pọ̀ jù fún un láti pàdánù, kó máa ṣẹ̀dà àkójọ ìsọfúnni lálaalẹ́. Àwọn fáìlì kì í yí padà púpọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó fún wọn. Pulọ́gíìnì wà tó ń ṣe méjèèjì fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti yan aago fún un, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń fún ìkànnì nílé sì máa ń ṣe tiwọn pẹ̀lú.

Ibi tí ẹ̀dà ń gbé ni ọ̀rọ̀ ti ń le. Ní òru ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná sọ ní ọgbà sáfà ilé-iṣẹ́ OVHcloud ní Strasbourg, lórílẹ̀-èdè Faransé. Odindi ilé kan tí wọ́n ń pè ní SBG2 jó tán, iná sì kan apá kan ilé kejì. Kò sí ẹni tó fara pa, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Netcraft, tó ń ka ìkànnì ayé, ṣírò rẹ̀ pé ìkànnì tó tó mílíọ̀nù 3.6 ló kúrò lórí ayélujára. Àwọn kan nínú àwọn oníbàárà yìí ti sanwó fún ẹ̀dà ìpamọ́. Ní ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ ìṣòwò kan ní Lille dájọ́ pé kí OVH san owó gbà-má-bínú fún ọ̀kan nínú wọn, nítorí inú ilé kan náà tí ojúlówó wà ni ẹ̀dà tó sanwó fún wà, iná kan ṣoṣo ló sì jó méjèèjì.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní 3-2-1. Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, ló sọ ọ́ di mímọ̀, nítorí àwọn ayàwòrán mọ ohun tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá parẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Kí nǹkan náà wà ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan ó kéré tán sì wà ní ibòmíràn tó jìnnà. Fún aládìrẹ wa, ìyẹn túmọ̀ sí ìkànnì fúnra rẹ̀, ẹ̀dà kan nínú àpò ìpamọ́ orí ayélujára tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó fún ìkànnì nílé, àti ẹ̀dà kan lórí háádì-dísíkì tó wà nínú àpótí nílé, tí wọn kì í so mọ́ kọ̀ǹpútà àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó nǹkan sí i.

Háádì-dísíkì tí wọ́n ń yọ yìí lè dà bí àṣejù. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Code Spaces kò ní pè é bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó jọ ti GitLab ni ilé-iṣẹ́ yìí náà ń ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ẹnì kan rí ọ̀nà wọ yàrá ìdarí wọn ní Amazon, ó sì ní kí wọ́n wá fowó ra ara wọn. Wọ́n gbìyànjú láti yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà kí wọ́n lè tì í síta, ṣùgbọ́n ó ti ṣí ilẹ̀kùn mìíràn sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Bó ṣe rí i pé wọ́n ń lé òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í pa nǹkan rẹ́. Láàárín wákàtí 12, ó ti pa ọ̀pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn rẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹ̀dà rẹ̀, nítorí abẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé.

Nǹkan méjì kù lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀dà. Èkíní ni pé ẹ̀dà àná nìkan kò tó. Olè orí ayélujára kì í fìgbà gbogbo ba nǹkan jẹ́ lọ́jọ́ tó wọlé. Ó lè fi fáìlì kékeré kan pamọ́ sáàárín àwọn àwòrán, kó sì lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó padà wá. Bó bá jẹ́ ẹ̀dà ọjọ́ méje sẹ́yìn nìkan ni wọ́n ń tọ́jú, gbogbo ẹ̀dà tó wà nílẹ̀ ló ti ní kòkòrò nínú. Kí wọ́n tọ́jú ti ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n sì fi ọ̀kan lóṣù kan sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà.

Èkejì ni àyẹ̀wò, èyí tí GitLab kò ṣe. Àyẹ̀wò tó rọrùn jù ni wíwo bí fáìlì ṣe tóbi tó. Bó bá ṣí àpò ìpamọ́ rẹ̀, tó sì rí irú èyí:

```
adire-db-05-11.zip    41 MB
adire-db-05-12.zip    41 MB
adire-db-05-13.zip    2 KB
adire-db-05-14.zip    2 KB
```

ó yẹ kí àyà rẹ̀ já. Orúkọ fáìlì pé, déètì pé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 13 ni kò ti sí nǹkan kan nínú wọn. Ó lè jẹ́ pé ààyè ti kún lórí sáfà, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan yí ọ̀rọ̀ aṣínà àkójọ ìsọfúnni padà láìsọ fún pulọ́gíìnì. Àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ ni kí ó ní kí ẹni tó ń bójú tó ìkànnì gbé ẹ̀dà kan dìde sí ibi ìdánwò, ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, níbi tí oníbàárà kò lè rí i. Kí wọ́n wo ọjà tí wọ́n rà kẹ́yìn bóyá ó wà níbẹ̀, kí wọ́n ṣí àwòrán mẹ́ta, kí wọ́n gbìyànjú láti wọlé. Kí wọ́n sì wo aago nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n parí, nítorí iye wákàtí yẹn ni ṣọ́ọ̀bù yóò fi wà ní títì lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di òótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dà ní àléébù kan: bó ṣe gbé ọjà padà ló ṣe ń gbé ihò padà. Bí olè bá gba ara ògiri tó sán wọlé, tí wọ́n sì tún ilé náà kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, ibẹ̀ náà ni yóò gbà padà wá, ó lè má tiẹ̀ ju wákàtí kan lọ.

Àwọn tó ń kọ WordPress máa ń gbé ẹ̀yà tuntun jáde, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ọ́pídéètì. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò rò pé nítorí ẹwà ni, wọ́n á ní bí ohun kan kò bá bàjẹ́, ẹ má tún un ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kan náà tí GitLab kàgbákò fi hàn pé àṣìṣe ni. Ilé-iṣẹ́ aláàbò kan tó ń jẹ́ Sucuri ṣàwárí ihò kan nínú ẹ̀yà WordPress 4.7 àti 4.7.1. Ẹnikẹ́ni, láìní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan, lè fi ìbéèrè kan tó ní nọ́ńbà àti lẹ́tà díẹ̀ yí ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé ìkànnì ẹlòmíràn padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 2017, WordPress gbé ẹ̀yà 4.7.2 jáde tó dí ihò náà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kejì, kí àwọn ìkànnì tó ń gba ọ́pídéètì fúnra wọn lè ti gbà á tán.

Ìdí tí wọ́n fi dákẹ́ ni kókó ọ̀rọ̀. Ọ́pídéètì kì í ṣe oògùn nìkan, lẹ́tà gbangba tó ń júwe ibi tí ògiri ti sán ni pẹ̀lú. Olè á fi ẹ̀yà àtijọ́ wé tuntun, á rí ìlà tí wọ́n yí padà, á sì mọ ibi tí yóò gbà wọ ilé àwọn tí kò tíì tún tiwọn ṣe. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde báyìí, wọ́n bẹ́ sórí àwọn ìkànnì tó ti pa ọ́pídéètì aládàáṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ojú ìwé tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n ti kọ ìkọkúkọ sí lára. Ẹni tó ní kò tíì bàjẹ́ kò mọ̀ pé láti ọjọ́ tí ọ́pídéètì ti jáde ni tirẹ̀ ti bàjẹ́.

WordPress fúnra rẹ̀ ti ń gba àwọn ọ́pídéètì kékeré láìbéèrè láti ọdún 2013. Pulọ́gíìnì àti tíìmù ni ewu kù sí jù, nítorí ẹni kọ̀ọ̀kan ló ń kọ tirẹ̀, àwọn kan sì ti pa tiwọn tì tipẹ́. Aládìrẹ wa lè ní pulọ́gíìnì mẹ́rìnlélógún, kó sì máa lo mẹ́sàn-án. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù, kò tó kó pa wọ́n. Kó yọ wọ́n dànù pátápátá, nítorí fáìlì pulọ́gíìnì tí wọ́n pa ṣì wà lórí sáfà, ihò inú rẹ̀ sì lè ṣí sílẹ̀. Àwọn tó kù, kó ṣẹ̀dà kó tó tún wọn ṣe, kó máa tún wọn ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè nígbà tí ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ wà nítòsí, kó sì ra aṣọ kan lọ́wọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn náà títí dé ibi tí owó ti ń wọlé. Bí ọ́pídéètì bá ba nǹkan jẹ́, ibi ìsanwó ni wọ́n sábà máa ń ti rí i, ibẹ̀ sì ni kì í yé èèyàn láti wò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń fi pamọ́ nílé wa: tíìmù tí wọ́n jí. Tíìmù olówó kan lè tó ọgọ́ta dọ́là, ni ẹnì kan bá ní òun ní i lọ́fẹ̀ẹ́. Irú tíìmù bẹ́ẹ̀ kò lè gba ọ́pídéètì lọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́, nítorí wọn kò rà á. Èyí tó burú jù ni pé ẹni tó ṣí i tó tún un dì lè ti fi kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ìkànnì fúnni lówó pọ́ọ́kú gbọ́dọ̀ lè fi ìwé-ẹ̀rí ìsanwó tíìmù náà hàn. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ká gbà pé ògiri le, ihò kò sí. Olè tó ní kọ́kọ́rọ́ kì í fọ́ ògiri. Ní ọdún 2012, wọ́n jí ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́dọ̀ LinkedIn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, mílíọ̀nù 117 nínú rẹ̀ pẹ̀lú ímeèlì àwọn tó ni ín bọ́ sọ́jà. Kì í ṣe LinkedIn ni àwọn tó rà á fẹ́ wọ̀. Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń dán orúkọ kọ̀ọ̀kan wò lára ilẹ̀kùn mìíràn gbogbo: ímeèlì, báńkì, `wp-login.php` ìkànnì ẹni. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo ọ̀rọ̀ kan fún gbogbo ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ aṣínà ìkànnì má ṣe jọ ti ibòmíràn rárá ló ṣe pàtàkì ju kó ní ààmì ìyanu àti nọ́ńbà nínú lọ. Kó gùn, ó kéré tán lẹ́tà mẹ́rìndínlógún. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bára wọn tan dára ju orúkọ ọmọ tí wọ́n fi ọdún ìbí tì lẹ́yìn lọ. Ẹni tí orí rẹ̀ kò lè gbà á lè lo ètò tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà, kó há ọ̀kan ṣoṣo tó ń ṣí ètò náà sórí. Lẹ́yìn ìyẹn, kó fi nọ́ńbà mẹ́fà kún un, èyí tí ètò kan lórí fóònù ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá ọgbọ̀n-ọgbọ̀n. Ètò yìí dára ju kí wọ́n máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí síìmù lọ, nítorí síìmù tí a kò lò fún ìgbà pípẹ́ lè di ti ẹlòmíràn, àwọn ọ̀daràn sì mọ bí wọ́n ṣe ń tan òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ fóònù láti gbé nọ́ńbà ẹni fún wọn. Ètò orí fóònù a máa fún èèyàn ní nọ́ńbà ìgbàlà mélòó kan. Ẹ kọ wọ́n sórí ìwé, ẹ fi wọ́n sí ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, nítorí fóònù a máa sọnù nínú dáńfó.

Ilẹ̀kùn wo ló tóbi jù? Kì í ṣe ti WordPress. Ímeèlì ni, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀kùn tó kù máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tuntun ránṣẹ́ sí bí èèyàn bá ní òun gbàgbé. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ibi tí wọ́n ti ra orúkọ ìkànnì. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò tiẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Ẹni tó kọ́ ìkànnì fún wọn ló fi ímeèlì ara rẹ̀ ra orúkọ náà, kò sì ní èrò ibi. Ó rọrùn fún un ni. Lọ́jọ́ tó bá rìnrìn àjò, tàbí tí wọ́n bá jà, tàbí tí ọdún bá yí tí kò sanwó, ìkànnì á lọ, aládìrẹ kò sì ní ẹ̀rí kankan pé tòun ni. Kó ní kí wọ́n gbé e wá sórí orúkọ rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì dùn láàárín wọn. Kó sì wo orúkọ àwọn tó lè wọ ìkànnì lónìí. Ọmọbìnrin tó ń kó àwòrán sókè kò nílò àṣẹ láti pa ìkànnì rẹ́. Ọmọkùnrin tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn kò nílò nǹkan kan mọ́.

Ó wá ku àgádágodo, ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù tó sì ń ṣe iṣẹ́ tó kéré jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìwé-ẹ̀rí SSL ló ń mú kí àdírẹ́sì ìkànnì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `https`. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ó ń fi ẹ̀rí hàn pé sáfà tí oníbàárà ń bá sọ̀rọ̀ ni ó ni orúkọ náà lóòótọ́, ó sì ń dì ọ̀rọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn, kí ẹni tó jókòó sórí Wáì-fáì kan náà ní pápákọ̀ òfurufú má lè kà á. Ọ̀rọ̀ aṣínà aládìrẹ náà wà nínú ohun tó ń dì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti dé sáfà, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Kò dí ihò pulọ́gíìnì, kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá olóòótọ́ ni. Oníjìbìtì náà lè gbà á fún ìkànnì rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí pé àwọn ènìyàn ń ka ààmì náà sí ẹ̀rí òótọ́ ni Google fi yọ àwòrán àgádágodo kúrò lórí Chrome ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023.

Owó kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Láti ìparí ọdún 2015 ni Let's Encrypt, àjọ tí kò wá èrè, ti ń fún gbogbo ayé ní ìwé-ẹ̀rí yìí lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń fún ìkànnì nílé sì ti so ó mọ́ iṣẹ́ wọn. Ìṣòro ni pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré ni tiwọn ń lò kó tó kú, ọjọ́ náà yóò sì máa kúrú sí i. Àjọ tó ń ṣòfin fún àwọn tó ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí ti fẹnu kò ní ọdún 2025 pé, tó bá fi máa di oṣù kẹta ọdún 2029, kò sí ìwé-ẹ̀rí tí yóò lò ju ọjọ́ 47 lọ. Ẹ̀rọ ló ń tún un gbà, ẹ̀rọ a sì máa kọsẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ìkànnì lọ sí ilé mìíràn. Let's Encrypt máa ń fi ímeèlì kìlọ̀ fún èèyàn tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2025 ni wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ ṣáájú. Ẹ tẹ ààmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, ẹ wo ọjọ́ tí ìwé-ẹ̀rí náà yóò kú. Ẹ̀rọ sábà máa ń tún un gbà nígbà tó bá ku ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ẹ bá rí i pé ogún ọjọ́ ló kù, nǹkan ti bàjẹ́ níbì kan, ogún ọjọ́ sì wà láti tún un ṣe. Ẹni tí kò wò yóò gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà ní Lọ́ńdọ̀nù tó rí `NET::ERR_CERT_DATE_INVALID` tó sì rò pé wọ́n fẹ́ jí káàdì òun.

Bí gbogbo èyí ṣe ń bára wọn ṣiṣẹ́ hàn lọ́jọ́ ìjàǹbá. Ká sọ pé ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, oníbàárà kan pe aládìrẹ wa pé ìkànnì rẹ̀ ń gbé òun lọ sí ibi tẹ́tẹ́. Kó má bẹ̀rẹ̀ sí í pa nǹkan rẹ́. Kó ní kí ilé-iṣẹ́ tó fún ìkànnì nílé tì í kúrò lójú ayé, kó ṣẹ̀dà ìkànnì tó bàjẹ́ náà bó ṣe wà, nítorí òun ni yóò sọ ọ̀nà tí olè gbà. Kó yí ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì padà ṣáájú gbogbo rẹ̀, kí ti ilé ìkànnì, ti àkójọ ìsọfúnni àti ti WordPress tẹ̀ lé e, kó sì lé gbogbo ẹni tó wà nínú ìkànnì síta. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá ẹ̀dà tí kò tíì ní kòkòrò. Bí fáìlì àjèjì tí wọ́n rí bá ní déètì ọjọ́ kẹsàn-án, kí wọ́n má kàn gba déètì gbọ́, olè lè yí i. Kí wọ́n padà sí ti ọjọ́ kìíní, kí wọ́n gbé e dìde síbi ìdánwò, kí wọ́n tún gbogbo pulọ́gíìnì ṣe níbẹ̀ kí ó tó padà sójú ayé. Bí àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà bá bọ́ sọ́wọ́ olè lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún un ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ tó ń mójú tó òfin náà létí.

Àwọn ọjà tí wọ́n rà láàárín ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ Àìkú náà kò sí nínú ẹ̀dà tó gbé dìde. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń bá a gba owó ní àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó sanwó àti iye tó san, ímeèlì tí WooCommerce ń fi ránṣẹ́ sí i bí ẹnì kan bá ra nǹkan sì wà nínú àpò ímeèlì rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ aṣọ, àwọ̀ àti àdírẹ́sì. Kó jókòó pẹ̀lú méjèèjì, kó tún wọn kọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn lè gbà á ní ọ̀sán kan.